Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ìgò: kí ló dé tí gbogbo wọn fi jọra, kí ló sì dé tí mẹ́jọ fi yàtọ̀?

Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà Àgbára wá sí Àgbádárìgì, ẹ ó rí àwọn tó ń ta irúgbìn lẹ́bàá títì. Láàárín ọsàn, àgbọn àti ọ̀pẹ kúkúrú tí wọ́n tò sílẹ̀, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní “tíṣù kọ́ṣọ̀”, èyí tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ìgò ní lábù. Inú náílọ̀n dúdú ló máa ń wà, ewé rẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, gíga rẹ̀ kò ju rúlà ọmọ ilé ìwé lọ. Owó rẹ̀ ju ti ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ọkọ́ yọ nídìí ìyá rẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ tó ń rà á ń sọ ohun méjì nípa rẹ̀. Àwọn kan ní kì í ṣàìsàn rárá. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti ki nǹkan bọ inú rẹ̀ ní lábù, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi rí bákan náà bí ẹni pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ wọ́n jáde.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ṣìnà díẹ̀, ìṣìnà náà sì ń ná àwọn èèyàn lówó. Mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí kí n tó padà wá sílé, nítorí náà èmi ni àwọn ará àdúgbò máa ń pè bí nǹkan bá ta kókó. Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan tó ń dáko ní apá Ìlógbò-Erémi pè mí. Ó ra ọgọ́rùn-ún mẹ́fà àti ọgọ́rin (680) ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó gbìn wọ́n sórí éékà kan, ó tọ́jú wọn dáadáa. Nígbà tí wọ́n so, mẹ́jọ nínú wọn so ohun tí kò rà. Ìdì wọn tóbi, ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kéékèèké ni, òdòdó pupa rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ ìdì náà tí kò gbẹ dànù. Àgbagbà tòótọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èso rẹ̀ kì í pọ̀, ó máa ń gùn, ó máa ń nípọn, òdòdó ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń rọ títí yóò fi tán.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni Màámi wí, bí mo ṣe ń pè é bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tan, “ẹni tó tà á fún mi búra pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ta wá ni bàbá àwọn mẹ́jọ yìí?”

Ìbéèrè rẹ̀ dára ju bó ṣe rò lọ, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kò ní bàbá.

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. A máa ń fi òwe yìí tu ẹni tí òbí rẹ̀ kú nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ èèyàn kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ìdajì àbùdá rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, bí ìdajì méjèèjì sì ṣe dà pọ̀ yàtọ̀ lára ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò fi ń jọra láìjẹ́ ẹnì kan náà. Àgbàdo náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: afẹ́fẹ́ gbé lẹ́búlẹ́bú láti orí igi kan dé irùkẹ̀rẹ̀ òmíràn, hóró kọ̀ọ̀kan sì ní ìdàpọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló rí hóró nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń dín ní dòdò? Ohun tí a ń pè ní ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yọ lára iṣu tó wà nídìí ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ṣe ń yọ lára igi. Ara ìyá náà ló gùn wá síta.

Ìdí tí kò fi ní hóró wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni okùn àbùdá wà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kírómósómù. Orí okùn yìí ni gbogbo ìlànà wà: bí ewé yóò ṣe fẹ̀ tó, iye èso tí yóò so, bí yóò ṣe tètè so sí. Tiwa pín sí ọ̀nà méjì, apá kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, apá kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pín sí ọ̀nà mẹ́ta, mọ́kànlá mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n (33). Kí ewéko tó lè ṣe hóró, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pín okùn wọ̀nyí sí ìdajì gẹ́lẹ́. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, nítorí náà ìpín náà máa ń dàrú, hóró kì í sì í sábà dúró. Ọmọ ìdí nìkan ló kù fún un.

Bí ọmọ ìdí ṣe ń dàgbà, sẹ́ẹ̀lì ń pín sí méjì, méjì ń di mẹ́rin. Kí sẹ́ẹ̀lì kan tó pín, yóò kọ́kọ́ da gbogbo okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n kọ láti òpin dé òpin, bí ọmọ kéú ṣe ń da wàláà kọ. Ẹ̀dà kan yóò lọ sí apá kan, ìkejì sí apá kejì. Kò sí ìdajì tó wá láti ibòmíràn, kò sí ìdàpọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tíṣù kọ́ṣọ̀ fi jọra. Lábù kò fi ohunkóhun kún àbùdá rẹ̀, kò sì yọ ohunkóhun kúrò. Ohun tí iṣu ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ṣe lẹ́yìnkùlé wa láti ayébáyé ni wọ́n mú wọnú ìgò, tí wọ́n sì mú kó yára.

Bí wọ́n ṣe ń mú un yára ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀. Ibẹ̀ la ó ti rí èsì fún Màámi.

Ọmọ tí ewé rẹ̀ ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà ni wọ́n máa ń yàn. Wọ́n á fọ erùpẹ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n á máa bó èèpo ìtì rẹ̀ kúrò níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa gé iṣu ìdí rẹ̀ sínú, títí yóò fi ku ohun funfun kan tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Àárín gbùngbùn ohun funfun yìí ni ojú ìdàgbà wà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín lójoojúmọ́. Wọ́n á rì í sínú sípírítì díẹ̀, lẹ́yìn náà sínú bílíìṣì tí a fi omi là fún bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á sì fi omi tí a ti sè pa kòkòrò inú rẹ̀ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ìgbà yẹn lọ, abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ ni gbogbo iṣẹ́ ti ń lọ, pẹ̀lú ọ̀bẹ tí a ń yan nínú iná léraléra. Ẹni tó bá ti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú rí mọ̀ pé omi rẹ̀ máa ń sọ aṣọ di dúdú. Omi yẹn náà ló máa ń dà yí ohun funfun náà ká nínú ìgò, tí ó sì lè pa á. Nítorí náà, wọ́n máa ń rì í sínú fítámì sí díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi í sínú òkùnkùn fún ọjọ́ mélòó kan.

Oúnjẹ tó wà nínú ìgò ni àwọn èèyàn máa ń rò pé àṣírí wà. Mo ti sè é tó ẹgbẹ̀rún lítà, kò sí ohun tó ju ajílẹ̀, fítámì díẹ̀, ṣúgà àti họ́mọ̀nù lọ níbẹ̀. Ìlànà tí gbogbo ayé ń lò jù ni ti Toshio Murashige àti Folke Skoog, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1962 nígbà tí wọ́n ń wá oúnjẹ tí yóò mú sẹ́ẹ̀lì tábà dàgbà kíákíá. Orúkọ wọn ló wà lára páálí rẹ̀ títí dòní, MS. Ní lítà omi kan, ohun tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ ajílẹ̀ rẹ̀ ni pọtáṣíọ̀mù náítréètì, mílígíráàmù 1,900, àti amóníọ̀mù náítréètì, mílígíráàmù 1,650. Àwọn ohun bí irin àti síǹkì kò ju ìwọ̀n fínnífínní lọ. Wọ́n á fi ṣúgà ọgbọ̀n gíráàmù sí i. Ṣúgà yìí pọn dandan, nítorí ewé inú ìgò kì í fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ tó tó fún ara rẹ̀. Wọ́n á tún ìwọ̀n kíkan rẹ̀ ṣe sí pH 5.8, wọ́n á fi ágà bíi gíráàmù méje sí i kó lè dì bí ẹ̀kọ, wọ́n á sì sè é nínú ìkòkò onípẹ́réṣọ̀ ní ooru 121°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún.

Ìwọ̀n kíkan yẹn kì í ṣe àṣejù. Mo rántí ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ ìwọn-kíkan wa ti bàjẹ́ tí a kò mọ̀. Nígbà tí a gbé ìgò jáde, oúnjẹ náà ń ṣàn bí ògì tí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ti kan jù, ágà kò sì lè dì mọ́. A da ogójì lítà nù lọ́jọ́ náà.

Oúnjẹ tó ní ṣúgà tó báyìí, ohun gbogbo ló fẹ́ ẹ. Bí olú tín-tìn-tín kan bá bá wọn wọlé, láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí méje ni ojú ìgò náà yóò ti bu, tí yóò funfun bí òwú tàbí kó di àwọ̀ ewé. Ìyẹn rọrùn láti rí, wọ́n á kàn sọ ìgò náà nù. Bakitéríà tó ti wà nínú ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀ ló burú jù. Bílíìṣì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lè farapamọ́ fún oṣù kan tàbí méjì kó tó jáde bí omi mílíkì nídìí ewéko náà, nígbà tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ kan náà gé e pín sí ìgò mẹ́wàá.

Họ́mọ̀nù ló kù. Ewéko ní ohun tí ó fi ń rán ara rẹ̀ níṣẹ́, bí ara èèyàn ṣe ní. Méjì nínú wọn ló ṣe pàtàkì níbí. Ọ́síìnì ló máa ń wá láti orí ewéko sọ̀ kalẹ̀, ó ń mú gbòǹgbò yọ, ó sì ń dá àwọn ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ dúró kí orí nìkan máa dàgbà. Sàìtókáínììnì ń ṣe òdìkejì, ó ń jí ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ dìde. Skoog àti Carlos Miller fi hàn ní 1957 pé ìwọ̀n ọ̀kan sí èkejì ló ń pinnu ohun tí yóò yọ. Bí sàìtókáínììnì bá pọ̀ ju ọ́síìnì lọ, ewé àti ẹ̀ka ni yóò yọ. Bí ọ́síìnì bá pọ̀ jù, gbòǹgbò ni. Bí wọ́n bá sún mọ́ dọ́gba, kùlùkùlù sẹ́ẹ̀lì tí kò lórí tí kò nídìí ni yóò wú jáde.

Nídìí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ojú kékeré kan ti ń sùn. Lóko, ìyá ni kì í jẹ́ kí wọ́n jí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kì í fi í yọ ju ọmọ mélòó kan lọ lọ́dún, àyàfi bí a bá gé orí ìyá. Nínú ìgò, sàìtókáínììnì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BAP ni wọ́n ń lò láti jí wọn, nǹkan bíi mílígíráàmù mẹ́rin sí márùn-ún nínú lítà kan. Ẹ ro bó ṣe kéré tó: hóró iyọ̀ mélòó kan nínú odidi ìgò omi ńlá. Nítorí pé kò ṣeé wọ̀n bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń yọ́ ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù láti fi ṣe omi ọgọ́rùn-ún mílílítà, wọ́n á wá máa fa mílílítà márùn-ún nínú rẹ̀ sí lítà oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Níbi ìṣirò yìí ni ọwọ́ ti máa ń yẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ìdámẹ́wàá sí i, orí kan ṣoṣo ni yóò máa gùn nínú ìgò, kò ní pín. Bí ó bá fi púpọ̀ jù sí i, àwọn orí náà yóò kún fọ́fọ́, kúkúrú, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, ewé wọn á máa dán bí ohun tí omi kún inú rẹ̀. Ohun tó jọ ọrọ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í yè lórí ilẹ̀.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á yọ ìdìpọ̀ orí náà jáde, wọ́n á fi ọ̀bẹ pín in, orí kọ̀ọ̀kan á sì bọ́ sínú oúnjẹ tuntun. Ká sọ pé orí kan ń di mẹ́ta nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìpín àkọ́kọ́ fún wa ní mẹ́ta, ìkejì mẹ́sàn-án, ìkẹta 27, ìkẹrin 81, ìkarùn-ún 243, ìkẹfà 729. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni gbogbo rẹ̀. Éékà kan tí a gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ní mítà mẹ́ta sí méjì máa ń gba nǹkan bíi 675. Láti ara ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n gé ní oṣù kìíní, oko Màámi lè kún kí ọdún tó parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dín BAP kù, wọ́n á fi ọ́síìnì díẹ̀ sí i kí gbòǹgbò lè yọ, wọ́n á ṣan ágà kúrò lára wọn, wọ́n á sì gbìn wọ́n sínú erùpẹ̀ tí a ti sè, lábẹ́ náílọ̀n tó ń mú ọ̀rinrin dúró. Ewé inú ìgò kò ní ìda lára, ihò ìmí rẹ̀ kò sì mọ bí a ṣe ń pa dé. Oòrùn ọ̀sán kan lè pa á. Bí oṣù kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ láti gbé níta kó tó bọ́ sínú náílọ̀n dúdú tí ẹ rí lójú títì.

Nísinsìnyí ẹ ó rí ìdí tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kì í ṣàìsàn fi jẹ́ òótọ́ díẹ̀, tó sì léwu púpọ̀. Òótọ́ ni pé aràn gbòǹgbò àti kòkòrò dúdú tó máa ń lu iṣu ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lè la iṣẹ́ yìí já. Wọ́n ti gé gbogbo ibi tí wọ́n ń gbé sọnù, bílíìṣì ti pa èyí tó kù. Bí ilẹ̀ yín bá mọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín yóò bẹ̀rẹ̀ ní mímọ́. Bí ilẹ̀ náà bá sì ti ní wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n á tún wọ inú rẹ̀, ọmọdé inú ìgò yìí kò sì ní okun tí ọmọ ìdí fi ń dúró dè wọ́n.

Fáírọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé, ó sì ń bá sẹ́ẹ̀lì pín. Bí ìyá tí wọ́n gé bá ní in, kò sí ìdí tí 729 ọmọ rẹ̀ kò fi ní ní in. Èyí tó kan wa jù ní Àgbádárìgì ni BBTV. Àwọn aládùúgbò wa ní orílẹ̀-èdè Benin ti ní in, ní 2012 wọ́n sì rí i ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́bàá ẹnubodè, ní apá Ìdí-Ìrókò. Oko wa kò jìnnà sí ibi méjèèjì, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ń rékọjá ẹnubodè yìí lórí ọ̀kadà lójoojúmọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ní in, ewé tuntun rẹ̀ á máa kéré sí i, á máa dúró ṣánṣán, á tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ á pọ́n, títí orí rẹ̀ yóò fi dà bí ìgbálẹ̀ tí a so nídìí. Kì í so mọ́. Kí ó tó dé ibẹ̀, ẹ wo ọrùn ewé, ibi tí ó ti so mọ́ ìtì, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí oòrùn. Ẹ ó rí àmì àti ìlà kúkúrú aláwọ̀ ewé dúdú tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n ń tẹ̀ wọnú igi àárín ewé bí ìwọ̀ ẹja. Àdá kì í gbé àìsàn yìí, erùpẹ̀ kì í gbé e. Kòkòrò kékeré dúdú kan tó ń fa omi lábẹ́ èèpo ìtì ló ń gbé e láti oko dé oko, èèyàn sì ń gbé e jìnnà ju kòkòrò lọ, nínú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àwọn kà á pé tíṣù kọ́ṣọ̀ ń wẹ fáírọ́ọ̀sì nù. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kò burú. Ní 1952, Georges Morel àti Claude Martin ní ilẹ̀ Faransé mú òdòdó dàlíà tó ní fáírọ́ọ̀sì, wọ́n gé ojú ìdàgbà rẹ̀ nìkan, ewéko tó mọ́ sì jáde nínú rẹ̀. Lójú ìdàgbà gan-an, òpó tó ń gbé oúnjẹ kiri kò tíì dé, fáírọ́ọ̀sì tó ń gba inú òpó rìn kò sì tètè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìdàgbà yẹn kò tó mílímítà kan. Abẹ́ awò amúǹkan-tóbi ni wọ́n ti ń gé e, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń kú. Ohun tí lábù olówò máa ń fi bẹ̀rẹ̀ tó orí àtàǹpàkò, bí mo ti wí, òpó sì kún inú rẹ̀. Irú gígé bẹ́ẹ̀ kì í wẹ BBTV nù. Ohun tó ń dá a dúró ni pé kí wọ́n yẹ ìyá wò pẹ̀lú àyẹ̀wò PCR, èyí tó ń wá àbùdá fáírọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì tún yẹ lára àwọn ọmọ wò kí wọ́n tó tà wọ́n. Ojú lásán kò tó, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré lè gbé e fún oṣù mélòó kan láìfi àmì kankan hàn.

Mo wo ọrùn ewé àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ Màámi títí, ó mọ́. Ti àwọn mẹ́jọ yẹn náà mọ́. Nítorí náà kì í ṣe àìsàn.

Ohun tó ṣe wọ́n wà nínú dída kọ tí mo mẹ́nu bà níṣàájú. Ọmọ kéú tó bá da wàláà kan kọ lẹ́ẹ̀kan lè má ṣì í. Bí wọ́n bá wá ń da ẹ̀dà kọ láti ara ẹ̀dà, ìgbà lẹ́yìn ìgbà, tí BAP ń lé wọn kí wọ́n yára, àṣìkọ á wọ ibì kan, gbogbo ẹ̀dà tó bá sì jáde lára èyí tó ní àṣìkọ ni yóò ní in. Nígbà míì àwọn lẹ́tà kò yí padà rárá, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń kà wọ́n ló yí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wa wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìwo èké, nítorí èso rẹ̀ tó rí bí ìwo, tó sì ṣẹ́ kù díẹ̀. Ìyípadà tí àwọn olùwádìí IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, rí jù lára irú rẹ̀, ní ibùdó wọn ní Onne lẹ́bàá Port Harcourt, ni pé ó máa ń padà di irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń pè ní ti Faransé: ìdì ńlá, èso wẹ́wẹ́ púpọ̀, òdòdó tí kì í tán. Ohun tó wà lóko Màámi nìyẹn láìkù síbì kan.

Mo jókòó sórí ìtì tó ti wó, mo yọ bírò, mo fi ìṣirò náà hàn án lẹ́yìn páálí. Bí àṣìkọ bá wọ ọ̀kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdá mẹ́ta oko rẹ̀ ni ìbá yí padà, ó lé ní igba (200). Bí ó bá jẹ́ ìpín ìkẹfà, ọ̀kan ṣoṣo ni ìbá rí. Bí ó bá jẹ́ ìpín ìkẹrin, nígbà tí wọ́n jẹ́ 81, ọ̀kan nínú 81 á di mẹ́ta, mẹ́ta á di mẹ́sàn-án. Bí díẹ̀ bá sì kú ní nọ́sìrì, mẹ́jọ nínú 680 bá a mu gan-an. N kò lè búra pé bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn tó tà á kò kọ nọ́ńbà ìgò sára náílọ̀n kankan. Bí wọ́n bá kọ ọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni à bá fi mọ̀ bóyá inú ìgò kan náà ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti jáde. Ohun tí mo máa ń bínú sí nínú òwò yìí nìyẹn. Lábù tó bá ń ṣe dáadáa máa ń dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìpín bíi mẹ́jọ, wọ́n á sì padà lọ gé ìyá tuntun. Àwọn kan kì í dúró. Wọ́n ń pín in lọ fún ọdún méjì, nítorí ìyá tuntun gba owó àyẹ̀wò àti oṣù méjì ìjà pẹ̀lú bakitéríà.

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ló wà nínú àbùdá ṣá o. Ní ìsàlẹ̀ oko náà níbi tí omi máa ń dúró sí lójò, bí ogún ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kúrú, ewé wọn pọ́n. Màámi ti ń ka àwọn náà mọ́ àwọn mẹ́jọ. A wa ìdí ọ̀kan, gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn. Omi ló ṣe wọ́n. Àbùdá wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó wà lókè, ọmọ wọn tí a bá gbìn síbi gbígbẹ yóò so àgbagbà dáadáa. Àwọn mẹ́jọ ní tiwọn, ibikíbi tí a bá gbin ọmọ wọn sí, ti Faransé ni yóò so.

“Ṣé kí n gé wọn dànù ni?” ni Màámi bi mí.

Mo ní rárá, wọ́n ṣeé jẹ, ìdì wọn sì wúwo. Àwọn kan tó ń dín dòdò tà tilẹ̀ fẹ́ràn èso kéékèèké. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò fún ọmọ ìdí, àgbagbà sì ni gbogbo wọn ń sanwó fún. Ó wọlé, ó fa ìró pupa àtijọ́ kan ya sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó sì fi so ìtì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ń lọ, ó bi mí bóyá mo mọ lábù tó máa ń kọ nọ́ńbà sára náílọ̀n, nítorí ó ṣì ku ààbọ̀ éékà tó fẹ́ gbìn kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.